Nọ́ńbà kan tí àwọn ọmọ iléèwé gbàgbé nínú àríyànjiyàn owó oṣù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléèwé aládàáni kan nílùú Ìbàdàn pè mí pé kí n wá ṣe adájọ́ níbi àríyànjiyàn àwọn ọmọ SS2. Kókó tí wọ́n gbé fún àwọn ọmọ náà ni pé òfin owó oṣù tó kéré jù ń ṣe òṣìṣẹ́ tówó rẹ̀ kéré láǹfààní ju bó ṣe ń pa á lára lọ. Kí n má parọ́, mo ti rò pé mi ò ní í gbọ́ ju "ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ìwọ olùṣọ́ àkókò" lọ. Ṣé ẹ̀yin náà rántí ọ̀rọ̀ àkọ́sórí yẹn? Àmọ́ mo ṣì í rò.

Ọmọbìnrin tó ta ko òfin náà ló kọ́kọ́ mú kí n jókòó dáadáa. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì kan. Ó ní òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ₦40,000 lóṣù sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà. "₦440,000 ni màmá mi ń san lóṣù. Tí ìjọba bá ní kó di ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn mẹ́fà péré ni owó yẹn máa ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òfin yìí dáa, ẹ wá bá mi sọ fún àwọn márùn-ún yòókù." Gbogbo gbọ̀ngàn ló pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́, mo kàn rántí pé adájọ́ ni mí ni.

Ọmọkùnrin tó gbè sẹ́yìn òfin náà gba inú ìtàn wọlé. Ó ka iye owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ₦125 lọ́dún 1981, ₦5,500 lọ́dún 2000, ₦18,000 lọ́dún 2011, ₦30,000 lọ́dún 2019, títí tí Ààrẹ Tinúbú fi buwọ́ lu ₦70,000 lóṣù keje ọdún 2024. Ó ní ẹni tí ebi ń pa ò lè dúró nájà pẹ̀lú ọ̀gá, pé iye tí ọ̀gá bá dá ló máa gbà, ìdí nìyẹn tí òfin fi gbọ́dọ̀ bá a dá a. Ọ̀rọ̀ gidi lèyí náà. Ohun kan tí ì bá fi kún un ni pé bí owó náà ṣe ń pọ̀ sí i lórí ìwé ló ń kéré sí i lọ́jà. ₦30,000 ọdún 2019 ju ọgọ́rin dọ́là lọ nígbà tí wọ́n buwọ́ lù ú. ₦70,000 ọdún 2024 ò tó àádọ́ta dọ́là lọ́jọ́ tí òun náà di òfin.

Ọmọbìnrin yẹn la gbé ipò kìíní fún, máàkì méjì ló fi jù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí àwọn adájọ́ sọ̀rọ̀, mo ní láti sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì ló gbàgbé nọ́ńbà kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà náà ni 25.

Ó wà nínú abala kẹrin òfin ọdún 2019. Iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òfin yìí ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú òfin ti 1981, àádọ́ta ni nọ́ńbà yẹn. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lọ́dún 2024 yí iye owó padà, ó sì ní kí wọ́n máa tún un gbé yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún-márùn-ún, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan 25. Abala kan náà tún yọ àwọn òṣìṣẹ́ páàtì-táìmù sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń gba ìpín lórí ọjà tí wọ́n bá tà, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún níye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó nígbà, irú bí iṣẹ́ oko.

Ẹ wá wò ó. Ilé búrẹ́dì màmá ọmọ yẹn, èèyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kó san ₦70,000. Àwọn márùn-ún tó ní wọ́n máa pàdánù iṣẹ́, òfin yìí kọ́ ló máa lé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn náà ti ya nídìí, nítorí ẹni tí ebi ń pa tó ń tìtorí ẹ̀ jà, ọ̀dọ̀ télọ̀, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ilé búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ yẹn gan-an ló pọ̀ sí. Òfin ò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí ètò parí, mo pe ọmọbìnrin náà. Mo ní ká tiẹ̀ gbà pé òfin dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ̀, mélòó ni búrẹ́dì tí wọ́n ń yan lójúmọ́? Ó ní ẹgbẹ̀ta, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, ₦1,200 ni ọ̀kan. A jọ ṣe ìṣirò náà lórí fóònù. Àfikún ₦30,000 fún èèyàn mọ́kànlá jẹ́ ₦330,000. Búrẹ́dì tí wọ́n ń tà lóṣù jẹ́ 15,600. Tí ẹ bá pín in, nǹkan bíi ₦21 ló máa kún orí búrẹ́dì kan. Ọmọ náà wo fóònù yẹn títí. Ohun tó gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀gá kì í fi dandan ní àpò owó oṣù kan tí kò lè yí padà. Ó lè lé èèyàn, ó lè fowó lé ọjà, ó sì lè dín èrè tirẹ̀ kù.

Àmọ́ ọmọ tí màmá rẹ̀ ń tajà lèyí o. Ó ní, "Tí màmá mi bá fi ₦21 lé e, tí ilé búrẹ́dì kejì ò fi lé e ńkọ́?" Mo ní ibẹ̀ gan-an ni òfin ti wúlò, nítorí tó bá mú gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, gbogbo wọn ló máa fi lé e. Tó bá mú ẹnì kan tó fi ẹnì kejì sílẹ̀, ẹni tó pa òfin mọ́ ló máa jìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ilé búrẹ́dì ló rí bákan náà. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tó ń yan ọgọ́rùn-ún búrẹ́dì lójúmọ́, nǹkan bíi ₦58 ló máa kún ọ̀kan tirẹ̀. Onítọ̀hún lè lé èèyàn lóòótọ́. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba ọmọ yẹn kì í ṣe ìsọkúsọ, ibi tó yẹ kó ti bà á ni kò fi bà á.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lóṣù kẹrin ọdún 1992, ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà gbé owó tó kéré jù láti dọ́là mẹ́rin àti sẹ́ǹtì 25 lọ sí dọ́là márùn-ún àti sẹ́ǹtì márùn-ún ní wákàtí kan, Pennsylvania tó múlé tì í ò sì fi nǹkan kan kún un. David Card àti Alan Krueger wádìí ilé oúnjẹ 410 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò rí i pé iṣẹ́ dín kù ní New Jersey. Ohun tí wọ́n rí ni pé oúnjẹ wọ́n díẹ̀ sí i. David Neumark àti William Wascher padà wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé owó oṣù àwọn ilé oúnjẹ, èsì tiwọn sì yàtọ̀. Mi ò ní í bá wọn parí ìjà yẹn níbí. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ní New Jersey, wọ́n san owó náà kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Tiwa ńkọ́?

Tíṣà tó kọ́ àwọn ọmọ náà ní àríyànjiyàn ló sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà, fún ọ̀rọ̀ 25 tẹ́ ẹ sọ yẹn. Mo ti kà wá. Pẹ̀lú bàbá géètì àti àwọn tó ń gbálẹ̀, àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni." Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un. ₦38,000. Ó ní òun ń dé ní aago méje àárọ̀, òun ń lọ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè dé Fúráídè. Mo ní kí ló wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "tíṣà páàtì-táìmù" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sá fún òfin yìí nìyẹn. Àwọn mìíràn á fi orúkọ èèyàn mẹ́rìnlélógún sínú ìwé, wọ́n á ní alágbàṣe làwọn yòókù. Ṣùgbọ́n tó bá délé-ẹjọ́, orúkọ tí ọ̀gá fún iṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n máa wò, wọ́n á wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an: wákàtí mélòó, ta ló ń pàṣẹ, ṣé èèyàn láyè láti ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àdéhùn láti gbà ju bí òfin ṣe ní kí wọ́n san kéré lọ, níbi tí òfin bá dé, asán ni lójú òfin, kódà kí òṣìṣẹ́ ti buwọ́ lù ú. Ilé-ẹjọ́ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbára láti gbọ́ ọ, ó sì ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nílò ìwé tó ń fi hàn pé owó wọlé sí báńkì, ìwé tí wọ́n ń fi orúkọ sí láàárọ̀, àti orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún tíṣà náà, mo ní mo lè bá a kọ lẹ́tà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìbéèrèṣẹ́ tó wà lórí tábìlì ọ̀gá wa ju ogún lọ." Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ti padà wá sílé. Òfin ti bá a dá iye owó, síbẹ̀ kò lè dúró nájà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nílé aṣòfin l'Abùjá, torí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fi ọ̀rọ̀ yìí sí, 25 kọ́ ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ilé búrẹ́dì kékeré lè dúró ná. Ọ̀rọ̀ páàtì-táìmù ni màá kọ́kọ́ yọ kúrò, màá sì fi wákàtí díwọ̀n owó náà bí àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ fi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, pín ₦70,000, nǹkan bíi ₦398 ní wákàtí kan ni. Ẹni tó bá ṣe wákàtí mẹ́rin lóòótọ́ á gba ₦35,000, kò sẹ́ni tó yan ẹnì kankan jẹ. Ẹni tó ń ti aago méje ṣiṣẹ́ dé mẹ́rin, kò ní í sí orúkọ tí ọ̀gá lè sọ ọ́ tó máa dín owó rẹ̀ kù. Lónìí, tí ẹ bá yọ wákàtí kan fún ìsinmi ọ̀sán, ₦216 ni tíṣà yẹn ń gbà ní wákàtí kan.

Mo bi í pé ta ló yan kókó àríyànjiyàn náà. Ó ní òun ni. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí tí mo bá fẹ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun àti iléèwé náà. Lánàá, ó fi àwòrán ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Láti Mọ́ńdè ló ti ń kọ aago tó dé àti aago tó lọ síbẹ̀.