Àpilẹ̀kọ Gígùn Kan Lórí Èdè Abínibí, àti Ohun Tí Kò Sọ

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 pé òun fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde nínú ìwé ìròyìn kan láti yin ìjọba. Inú bí púpọ̀ nínú ọmọ Ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì ní kí a fèsì kíákíá. Àwa kò kọ̀. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a dá ènìyàn lóhùn kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé wa. Nítorí náà ni a ṣe jókòó ti àpilẹ̀kọ náà tí a sì tú u palẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni a kọ́kọ́ wá, èyíinì ni ohun tí òǹkọ̀wé ń fẹ́ kí á gbà. Kò sí ní ìparí àpilẹ̀kọ. Àárín ni ó wà, lẹ́yìn "nítorí náà" kan tí ojú lè fò. Lẹ́yìn náà a yọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ kúrò, a yọ èébú kúrò (ó pè wá ní ará àtijọ́, a dárí jì í), a sì ka ohun tí ó sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ohun tí ó ṣẹ́kù nìyí:

1. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá.
2. Ní àwọn agbègbè kan, ọ̀pọ̀ ọmọ ń kùnà nínú rẹ̀.
3. Àwọn agbègbè náà ni a ti ń lo èdè abínibí jù ní ilé-ẹ̀kọ́.
4. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ gbogbo ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á gba mẹ́ta àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Síbẹ̀ ẹ̀kẹrin kò tíì tẹ̀lé wọn, nítorí "láti ìbẹ̀rẹ̀" wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ìdí mẹ́ta náà tí ó mẹ́nu ba ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo bá yọ ní ìgbẹ̀yìn tí a kò sì rí i nínú àwọn ìdí, ìdí kan wà tí a kò sọ. A sapá láti rí ìdí àìsọ wọ̀nyí, a sì mú èyí tí ó rọrùn jù lọ láti gbà, kì í ṣe èyí tí yóò sọ òǹkọ̀wé di òmùgọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé èdè ni ó fa ìkùnà, kì í ṣe àìtó olùkọ́ tàbí ìwé. Èkejì ni pé àwọn tí ó kùnà gan-an ni a fi èdè abínibí kọ́. Èyí ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ọmọ tí ó ṣe ìdánwò ní ọdún 2025 ti wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013, nítorí ọdún mẹ́fà ni ti ìsàlẹ̀, mẹ́fà sì ni ti òkè. Ó ti parí ti ìsàlẹ̀ kí ìlànà 2022 tó dé. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1977 ni ìlànà ìjọba ti fàyè gba èdè abínibí ní kíláàsì ìsàlẹ̀, òǹkọ̀wé sì lè gba ibẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n nígbà náà ó di dandan kí ó fi hàn pé a ń ṣe é ní tòótọ́.

Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nínú àpilẹ̀kọ náà, "kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì" àti "fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni" ń pààrọ̀ ara wọn láti ìpínrọ̀ dé ìpínrọ̀. Àwa náà ń fẹ́ kí ọmọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Pé kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tí kò tíì gbọ́ ọ, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

A wá gbé èsì tiwa, tí a ti kọ sílẹ̀, sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Òpó rẹ̀ ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n a tún kọ ìwé tuntun fún wọn, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí àìsọ tiwa ni pé èdè ni ó gbé wọn ga, kì í ṣe ìwé àti olùkọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a rí lọ́wọ́ òǹkọ̀wé náà ni. A ti mú èsì náà kúrò lọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé títí a ó fi dáhùn ìyẹn.