Owó Oṣù Tuntun Nínú Àwòrán Àtijọ́

Àwòrán alátẹ̀léra kan tó jáde lórí Instagram lọ́dún 2019 nípa owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ṣì lè wúlò. Ìbéèrè ló ṣáájú, iye owó tẹ̀ lé e, ìṣirò ló kẹ́yìn. Kí olóòtú má fọwọ́ kan ètò yẹn, bó bá jẹ́ òun ló ń fa òǹkàwé dé òpin.

Ṣùgbọ́n láti 2024, ₦30,000 ti di ₦70,000. Ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦1,000 òòjọ́ ti di nǹkan bíi ₦2,333. Instagram kò sì fàyè gba pípààrọ̀ àwòrán tó ti jáde. Àfi kí wọ́n gbé òmíràn jáde, pẹ̀lú ọdún tuntun lójú ewé àkọ́kọ́.