Ẹ Má Yọ "Bá" Kúrò Nínú Àkékúrú

Akọ̀wé ẹgbẹ́ mélòó ni wọn ò tíì gbé irú iṣẹ́ yìí fún? A ti dúnàádúrà lórí fóònù, a ti gba ohùn sílẹ̀ (pẹ̀lú ìmọ̀ ẹni kejì, ẹ jọ̀ọ́), ó wá ku kí ẹnì kan kékúrú ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tí kò sí níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àkékúrú bẹ́ẹ̀ ló máa ń parí sí "wọ́n fẹnu kò." Èmi ò gbà pé wọ́n fẹnu kò tó bẹ́ẹ̀.

Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ń gbé ilé kan ní Tanke. Aṣojú onílé ní owó yàrá kọ̀ọ̀kan yóò kúrò ní ₦250,000 lọ sí ₦400,000 lọ́dún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú àwọn yòókù ní ₦280,000 ni agbára àwọn mọ. Wọ́n fà á síwá sẹ́yìn, aṣojú onílé wá ní, "Bí ẹ bá san ọdún méjì pọ̀, màá bá yín sọ ọ́ di ₦350,000." Akẹ́kọ̀ọ́ fèsì pé, "Ẹ ṣeun sà. Bí ẹ bá tún ẹ̀rọ omi ṣe ká tó sanwó, a lè gbé e dé ₦320,000, ṣùgbọ́n ọdún kan la lè san." "Ó dáa, a ó rí sí i." Ibẹ̀ ni fóònù ti parí.

Àkékúrú tó máa jáde lórí Wásáàpù nìyí: "Owó ilé ti di ₦320,000, wọ́n á sì tún ẹ̀rọ omi ṣe." Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. "Ó dáa" lè jẹ́ pé mo gbọ́ ọ. Ní ti "a ó rí sí i," ẹni tó bá gbé àárín wa mọ̀ pé bí àgbàlagbà ò bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ síni lójú, ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Tí a bá sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kíá ló máa ń di "ó gbà." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà bí ó ṣe jáde lẹ́nu, kí a kọ ìṣẹ́jú tí ó bọ́ sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé onílé ti sún láti ₦400,000 wá sí ₦350,000, akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sún láti ₦280,000 lọ sí ₦320,000. Ṣùgbọ́n "bí ... bá" ló so ìsúnkúrò méjèèjì rọ̀, ẹni kejì ò sì tíì gba májẹ̀mu kankan. Ẹni tó bá kọ ₦350,000 sílẹ̀ tó yọ "ọdún méjì pọ̀" kúrò ti fi ₦700,000 tí wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà pamọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àlàfo ₦30,000, iye ọdún tí wọ́n máa san, ẹ̀rọ omi: gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó wà lábẹ́ ohun tí kò tíì yanjú. Owó àdéhùn tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà náà ń bẹ níbẹ̀, nítorí ìdákẹ́ kì í ṣe ìgbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó oṣù tó kéré jù ní 2024. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ₦615,000, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé ₦250,000. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦48,000, ó gun òkè dé ₦62,000. Ní July, wọ́n fẹnu kò sí ₦70,000, Ààrẹ Tinubu sì buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù náà. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò báyìí dípò márùn-ún. Nígbà tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè ní September, Joe Ajaero tó jẹ́ ààrẹ NLC ní ìjọba ti da àwọn: ó ní ara ohun tó mú àwọn gba ₦70,000 ni pé owó epo kò ní gbéra. Iye owó àti ọdún mẹ́ta wà nínú òfin. Ọ̀rọ̀ epo kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ ka ohun tó kù fún ẹni kejì: "Sà, ọdún kan tàbí méjì, àti ẹ̀rọ omi, a ò tíì parí ẹ̀ o." Bó bá tún ní "a ó rí sí i," ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀.