Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ tó bá ń wo ẹran inú ìkòkò lójú kòkòrò ni wọ́n máa ń fi òwe yìí bá wí nígbà tí a wà ní kékeré. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ẹnu ń fẹ́ lè sin olúwa rẹ̀ dé ibi tí kò ti ní padà. Ìwọra ni òwe náà ń bá jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí mo rí i pé ọ̀nà kẹta wà láàárín méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Èkó lọ sí Bìní.

Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ni mo wọ̀ ní páàkì kan ní Èkó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀, ọkọ̀ kò sì kún títí di aago méje ààbọ̀. Ìyá aláṣọ kan tó ń lọ sí Ọnísà jókòó sórí ẹrù rẹ̀, ó ra ẹ̀kọ méjì àti àkàrà gbígbóná mẹ́rin lọ́wọ́ obìnrin tó ń dín in lẹ́nu géètì, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì mu omi lé e. Awakọ̀ wa ní tirẹ̀ kò fìdí kalẹ̀. Ó ń pe èrò, ó ń di ẹrù, ó ń bá àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì fa ọ̀rọ̀. Ẹyọ gbànja kan ló jù sẹ́nu. Nígbà tí ìyá aláṣọ fi àkàrà lọ̀ ọ́, ẹ̀rín ló rín, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Ó di Orè."

Kò sí ẹni tó ń rin ọ̀nà yẹn tí kò mọ Orè. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń yà kí èrò lè jẹun. Àdéhùn kan sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: awakọ̀ tó bá já èrò rẹ̀ sí ilé oúnjẹ kan, ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ níbẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní apá Ṣàgámù, aago kan ọ̀sán ti kọjá kí a tó débẹ̀. Wọ́n gbé iyán méjì síwájú ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ̀gúsí tí epo dúró lórí rẹ̀, ẹran mẹ́rin, orí ẹja kan, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù dáadáa. Kò tó ìṣẹ́jú 20 tí ó fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó fọwọ́, ó gùn sọ́kọ̀, ó ní kí a máa lọ.

Nígbà tí a rìn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, mo ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ ń fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ta padà sáàárín lójijì. Orí ọ̀gá ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè. Ìyá aláṣọ tó jókòó níwájú fọwọ́ kàn án léjìká. "Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà."

"Ìyá, kò sí nǹkan."

"Ẹ yà, ọmọ mi. Ilé là ń lọ."

Ó yà sí iwájú ilé epo kan, ó gbórí lé sítíárì, ó sùn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó jí, ó bọ́jú, ojú sì tì í díẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi. Ta ló ń rí ọ̀fẹ́ tó ń kọ̀ ọ́?"

Ó le kú, ìjà Orè, ni a máa ń wí láti ìgbà tí ogun abẹ́lé dé ibẹ̀ ní 1967. Ìjà tí awakọ̀ wa bá pàdé ní Orè lọ́jọ́ náà le bákan náà, nítorí àwọn tó dojú kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Èkíní, láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ara ènìyàn a máa rọ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí olúwa rẹ̀ kò bá fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó tún ń rọ̀ báyìí láti òru mọ́jú, èyí tó burú jù. Èkejì, oúnjẹ ńlá tí òkèlè rẹ̀ pọ̀ ń fi kún oorun náà. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ó rò pé yóò la òun lójú kò lè ràn án lọ́wọ́ pẹ́ títí. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í lé oorun lọ, àárẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, wákàtí márùn-ún péré ni ọ̀gá sùn lóru. Nítorí náà, iyán nìkan kọ́ ni kí a di ẹ̀bi rù. Ẹni tí kò sùn dáadáa, kò sí oúnjẹ tó lè rọ́pò oorun fún un.

Síbẹ̀, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló wà ní ìkáwọ́ awakọ̀ nígbà tó dé Orè? Oúnjẹ ni. Ibí ni ìtumọ̀ òwe wa ti yí padà lójú mi. Mo bi ọ̀gá léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn kí ó tó dé Orè. Ó ní aago mẹ́jọ alẹ́ àná. Bí a bá kà á, wákàtí 17 ni. Ẹni tí ebi ti ń pa fún wákàtí 17, ẹ má pè é ní alájẹkì. Yorùbá kan náà ló ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn ò lè wọ̀ ọ́ létí mọ́ níwájú ẹ̀gúsí. Ìwọra ọ̀sán kò bẹ̀rẹ̀ ní Orè. Ní páàkì ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó ní "Ó di Orè".

Ohun tí ìyá aláṣọ ṣe ni kí a kọ́. Àkókò tí ọkọ̀ kò tíì kún, tí gbogbo wa ń pè ní àkókò ìfiṣòfò, òun ni ó fi jẹun àárọ̀. Àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà ni ó dára jù fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀wà kì í tètè dà nínú. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní aago méje yóò rìn jìnnà kí ebi tó kàn án. Ẹni tó fi búrẹ́dì funfun àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dí i, ebi yóò tún ti dé kí ó tó kọjá Ìjẹ̀bú Òde. Kí awakọ̀ sì fi ohun díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀ fún ìgbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé: ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kò ní dá ọkọ̀ dúró nítorí wọn, wọn kò sì ní tètè bàjẹ́ nínú ooru.

Bí ó bá dé Orè báyìí, kò ní débẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Òkèlè tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀fọ́ tó pọ̀, ẹran tàbí ẹja kan tàbí méjì, omi. Kí ó rìn díẹ̀ kí ó tó jókòó sídìí sítíárì. Iyán méjì tó wù ú, ilé ni kó ti jẹ ẹ́ lálẹ́, kí ó sì fi bíi wákàtí méjì sílẹ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀, kí oúnjẹ má baà máa gun ọ̀fun padà kí àyà sì máa ta á.

Mo mọ ohun tí awakọ̀ yóò sọ: ṣé kí n fi ẹran ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ni? Kí wọ́n dì í fún mi, màá jẹ ẹ́ ní Ọnísà. Ìyẹn gan-an ni ọ̀nà ọ̀run kejì. Oúnjẹ tútù kò léwu tó oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọbẹ̀ tó gbóná ju dígíríì 60 lọ, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kò lè bí síi nínú rẹ̀. Bí ó bá ti rọlẹ̀ di ìwọ̀n ooru inú ọkọ̀, láàárín wákàtí méjì wọn yóò ti gbèrú. Ìrẹsì ló burú jù. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kò lè pa hóró rẹ̀, májèlé tí ó sì ń tú jáde kì í kúrò bí a bá tún ìrẹsì náà gbóná. Imú kì í gbọ́ ọ, ahọ́n kì í mọ̀ ọ́n. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà ni èébì yóò dé, ìyẹn ni pé ohun tí o jẹ ní Orè lè dá ọ dúró lórí afárá Asàbà. Nítorí náà, bí olóúnjẹ bá ṣí kúlà tí èéfín kò jáde, má jẹ ìrẹsì ibẹ̀. Bí ọ̀fẹ́ náà bá ń dun ọ́, sọ fún ìyá olóúnjẹ pé kó fi ọsàn àti omi pààrọ̀ ẹran méjì. Ìyá olóúnjẹ tó fẹ́ kí o tún padà wá kò ní kọ̀.

Omi náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í mu ún, kí wọ́n má baà máa dúró tọ̀. Àwọn obìnrin oníṣòwò tún ń sá fún un jù, nítorí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ lójú ọ̀nà. Ìtọ̀ ni kí o wò: bí ó bá ti pọ́n bí àgbo, omi ti gbẹ lára rẹ, orí fífọ́ àti àárẹ̀ kò ní pẹ́ dé. Máa mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, kí o sì tọ̀ níbi tí ọkọ̀ bá ti yà.

Ní ti gbànja, ó ń la ojú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí agbára rẹ̀ tó wọ ara. Awakọ̀ tó bá gbọ́n a yà sẹ́bàá ọ̀nà, a jẹ ẹ́, a sì sùn fún 20 ìṣẹ́jú. Bí ó bá ń jí ni obì náà yóò máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Páragà kò bá a dọ́gba rárá. Oorun àti ọtí kì í gbé orí sítíárì kan náà kí ọkọ̀ délé láyọ̀.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ "Ó di Orè" léwu fún ju gbogbo wa lọ: awakọ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀. Bí ó bá lo oògùn tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Òógùn yóò bò ó, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ojú yóò ṣú. Kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ó sì jẹun tẹ̀ lé e. Ní àkókò yẹn nìkan ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò di oògùn.

Ìwọ èrò ọkọ̀ tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ pẹ̀lú. A máa ń béèrè iye owó, a máa ń wo táyà, a kì í bi awakọ̀ ní ohun tí Yorùbá ń bi àlejò lójoojúmọ́. Kí ọkọ̀ tó gbéra lọ́la, bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti jẹun?" Bí ó bá ní ó di Orè, ra àkàrà márùn-ún fún un.