Bí Kápíṣà Bá Dá Sikíríìpù Yín Dúró, Ẹ Má Fò Ó

Ọ̀rọ̀ "human" wà lára ogún ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú àkójọ Yorùbá tí mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ó pọ̀ ju "kò" lọ. Bẹ́ẹ̀, torí "kò" àti "kì í" gan-an ni mo ṣe ń kó ìròyìn láti ojú-òpó ìwé ìròyìn kan, kí n lè fi wé ohun tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nílé wa ní Ìjàrà-Ìsin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ìròyìn 800 ni mo ní kí sikíríìpù mi lọ mú wá. Lẹ́yìn 213, sẹ́fà náà dá a dúró pẹ̀lú kápíṣà, ìyẹn àpótí tó ń ní kí èèyàn fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Sẹ́fà mìíràn a máa fi nọ́ńbà 403 tàbí 429 kọ̀ fún ni, ṣùgbọ́n 200, tó túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan lọ dáadáa, ni èyí fi ránṣẹ́. Sikíríìpù mi gbà á gbọ́, ó sì fi ojú-ewé kápíṣà kan náà pamọ́ nígbà 587 bí ẹni pé ìròyìn ni. Ká ní mo wo bí àwọn fáìlì náà ṣe tóbi tó ni, mi ò bá ti tètè rí i: ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló tóbi bákan náà láìyàtọ̀. Ìròyìn méjì kì í sábà gùn bákan náà, ká má tiì sọ ẹgbẹ̀ta.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra iṣẹ́ àwọn tó ń bá ènìyàn tú kápíṣà lówó pọ́ọ́kú. Mo rò ó wò, mi ò fẹ́ purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn rà? Èsì tí kápíṣà Google máa fún ni kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó kú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ṣeé lò. Ìdí tí wọ́n fi dá mi dúró ṣì wà níbẹ̀: ojú-ewé mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń béèrè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló ń ka ìròyìn bẹ́ẹ̀? Bí mo bá san owó tí mo kọjá, wọn yóò tún dá mi dúró níwájú.

Ó tún kan ẹlòmíràn. Hótísípọ́ọ̀tù fóònù mi ni mo lò. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì máa ń kó ọ̀pọ̀ fóònù jáde lórí àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, nítorí náà ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà ohun tí mo ṣe. Àbúrò mi tó fẹ́ ka ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá àwòrán iná ojú títì pàdé.

Ẹ̀yin kan á sọ pé kápíṣà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun rere, pàápàá fún afọ́jú. Mo gbà. Ó ṣì jẹ́ pé ẹni tó ni ilé ló gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sí orí kẹta iṣẹ́ mi pé mo fo ògiri.

Nísinsìnyí, ìlà wọ̀nyí ló wà nínú sikíríìpù mi:

```python
if r.status_code in (403, 429) or "captcha" in r.text.lower():
    print("Mo dúró:", url)
    break
```

Ó lè dúró lásán níbi tí ìròyìn gidi bá ní fọ́ọ̀mù tó ń lo kápíṣà nísàlẹ̀. Ó sàn kó dúró lásán ju kó kó ìdọ̀tí lọ.

Lẹ́yìn tó bá dúró, mo máa ń ka `robots.txt` ojú-òpó náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni mo wá ilẹ̀kùn mìíràn. Wikipẹ́díà Yorùbá, fún àpẹẹrẹ, kò nílò sikíríìpù kankan: gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì kan, `yowiki-latest-pages-articles.xml.bz2`, ní `dumps.wikimedia.org`. Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ ibẹ̀ kúrú, wọn kì í sì í ṣe ìròyìn, nítorí náà kò lè rọ́pò ohun tí mo ń wá.

Mo wá kọ ímeèlì sí olóòtú: orúkọ mi, ẹ̀ka wa, iye ìròyìn tí mo fẹ́, àti pé mi ò ní tẹ̀ wọ́n jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kó tó fèsì. Ó ní kí n máa ṣe é lóru, kí n máa sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láàárín ojú-ewé kan sí èkejì, ó sì ṣí ọ̀nà fún mi. Ìròyìn 587 tó kù kò gbà ju wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ká ní kò dá mi lóhùn ni, 213 yẹn ni ǹ bá lò, ǹ bá sì sọ bẹ́ẹ̀.

"Human" ku mẹ́rin nínú àkójọ náà báyìí. Inú orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni gbogbo wọn wà.