Ta Ló Ń Wo Ta Nínú Wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ?

Lẹ́yìn tí Kóńgò Kinshasa lé Super Eagles kúrò lọ́nà Ife Àgbáyé ní Rabat, ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Éric Chelle tó jẹ́ kóòṣì wa sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹnìkan lára àwọn ará Kóńgò ń ṣe oògùn nígbà tí a ń gbá pẹnáritì. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe bí ẹni náà ṣe ń ju igo omi sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀rọ̀ náà tà ní Ṣágámù. Láti Sábó dé Mákùn, kò sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí wọn ò ti dá ẹjọ́ igo omi yẹn, mo sì gbọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń bi Chelle léèrè pé kí ló dé tí òun náà ò fi mú tirẹ̀ dání.

Èmi gbà pé nǹkan kan wà tó mú àwọn ọmọ wa lọ́kàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Orúkọ tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá wa ń pe eré náà ti sọ ọ́ tán: wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ. Odidi gbólóhùn ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ, bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì mofọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ ìṣe tó sì ṣáájú níbẹ̀ ni "wò". Gbígbá bọ́ọ̀lù gan-an kò pẹ́. Láti orí àmì pẹnáritì dé ojú ilé jẹ́ mítà 11, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá dáadáa kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé ibẹ̀. Ohun tó pẹ́ ni gbogbo ìwòran tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Òfin ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù yòókù dúró sínú òbìrí àárín pápá. Ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ dá rìn láti ibẹ̀ dé iwájú ilé, ìrìn tó tó bíi 40 mítà tí a bá kà á láti àárín gan-an. Fún wákàtí méjì tó ti ń sáré, kò sí ìgbà kan tí òun nìkan dá wà bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ti mú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn sì retí pé kó wọlé. Bó bá wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Bí kò bá wọlé, orúkọ rẹ̀ ló máa gbé e kiri. Ẹ bi Victor Ikpeba: ó ti lé ní ọdún 25 tí pẹnáritì tirẹ̀ lu ọ̀pá òkè ní Súrùlérè, nínú àṣekágbá Ife Áfíríkà ọdún 2000 pẹ̀lú Kamẹrúùnù, wọn ò sì yé bi í nípa rẹ̀ títí di òní. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn, síbẹ̀ mo mọ ìtàn náà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Geir Jordet, onímọ̀ ìhùwàsí ará Nọ́wè, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo fídíò irú eré yìí láti Ife Àgbáyé àti ti Yúróòpù. Ohun méjì nínú ohun tó rí ló kàn wá. Àkọ́kọ́: tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù náà, bó bá wọlé, ẹgbẹ́ yóò borí lójú ẹsẹ̀, ó lé ní 9 nínú 10 tó ń wọlé. Tó bá jẹ́ pé bí kò bá wọlé, ẹgbẹ́ yóò pàdánù lójú ẹsẹ̀, ó ń já wálẹ̀ sí bíi 6 nínú 10. Mítà 11 kan náà ni, ilé kan náà ni. Ohun tí ọkàn ń wò ló yàtọ̀. Èkejì: àwọn tó ń kẹ̀yìn sí gólì lẹ́yìn tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, tí wọ́n sì ń sáré gbá a bí fèrè bá ti dún, kì í sábà ṣe dáadáa. Wọ́n fẹ́ kí ìyà náà tètè tán. Àwọn ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni òléwájú nínú ìkánjú yìí, títí Gareth Southgate fi mú un bí ẹ̀kọ́ kó tó di Ife Àgbáyé 2018. Wọ́n ń fi ìrìn náà dánra wò, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dúró mí lẹ́yìn fèrè. Wọ́n borí Kòlóḿbíà ní pẹnáritì, 4-3, ní ọdún náà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn kóòṣì tó ń sọ pé pẹnáritì kò ṣeé kọ́ nítorí pé ìbẹ̀rù kì í sí ní pápá ìdánrawò. Òótọ́ ni pé ẹ ò lè gbé ìbẹ̀rù wá. Ṣùgbọ́n ẹ lè kọ́ ìrìn, ẹ lè kọ́ mímí, ẹ sì lè jẹ́ kí oníkálukú yan igun rẹ̀ kó tó kúrò ní àárín pápá, kó má baà di pé iwájú gólì ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Gólì ńkọ́? Tirẹ̀ rọrùn ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí kò sí ẹni tó retí pé kó mú un. Síbẹ̀ òun náà ní ìtìjú tirẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Ísírẹ́lì ka pẹnáritì 286: bíi 3 nínú 10 ni wọ́n gbá sí àárín, ṣùgbọ́n ó lé ní 9 nínú 10 tí gólì ti fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tó bá dúró tí bọ́ọ̀lù sì wọ igun, a óò ní kò tiẹ̀ gbìyànjú. Gólì tó gbọ́n máa ń fi ìtìjú yẹn sílẹ̀, á dúró pẹ́ títí, nítorí pé ẹni tó ń gbá náà ń wò ó láti mọ ibi tó ń lọ. Tí gólì ò bá tètè mira, àkókò láti yí ẹsẹ̀ padà ti kọjá lọ́dọ̀ agbábọ́ọ̀lù.

Ibí ni igo omi ti wọlé. Nínú ìdíje Yúróòpù 2024, Jordan Pickford lẹ orúkọ àwọn ará Siwisalandi mọ́ igo rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó fò sí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe ohun tí igo sọ fún un lórí Manuel Akanji, ó sì mú un. Àkọsílẹ̀ lásán ni. Igo náà tún ń fún gólì láǹfààní láti rìn lọ mu omi, kí ẹni tó fẹ́ gbá máa dúró dè é. Emiliano Martínez ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àṣekágbá ọdún 2022: ó ju bọ́ọ̀lù nù kí Tchouaméni tó gbá tirẹ̀ síta. Ọdún tó tẹ̀lé e ni òfin kọ̀ ọ́ fún gólì láti máa fa àkókò gùn tàbí máa fọwọ́ kan ọ̀pá láti fi da ọkàn ẹni rú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Rabat. Lópin àfikún àkókò, Kóńgò yọ gólì wọn, wọ́n sì fi Timothy Fayulu wọlé fún pẹnáritì nìkan. Ìyẹn nìkan ti sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹnìkan ti múra sílẹ̀ dè wọ́n. Nínú àwọn tó gbá tiwa ni Calvin Bassey àti Semi Ajayi, àwọn ẹ̀yìn tí a kì í rí kí wọ́n gbá pẹnáritì fún ẹgbẹ́ wọn. Tiwọn kò wọlé, ti Moses Simon náà kò wọlé. Fayulu mú ti Ajayi, Chancel Mbemba wá bọ́ sí ipò ẹni 9 nínú 10 yẹn, ó gbá a wọlé, 4-3. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwa náà jẹ irú oúnjẹ yẹn ní Bouaké, tí Stanley Nwabali mú méjì lọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù Áfíríkà, tí Kelechi Iheanacho sì parí rẹ̀ sí 4-2. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní oògùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, pẹnáritì ni Medeama ti Gánà fi lé Remo Stars wa kúrò nínú ìdíje àwọn aláṣeyọrí Áfíríkà, lẹ́yìn tí oníkálukú ti na ẹnìkejì ní 1-0. Tí wọ́n bá tún padà síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n ti fi pápá Ìkẹ́nnẹ́ kọ́ ìrìn 40 mítà yẹn nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ wọ́n, kí ẹnìkan sì mú gègé kọ nǹkan sára igo gólì.