Ẹni Tó Ń Bú Yín Kò Bá Yín Tajà

Ká ní obìnrin kan n'Ìbàdàn gbé fídíò gbẹ̀gìrì sórí Yútúùbù lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ilẹ̀ Sátidé kò tíì mọ́ tán tí kọ́mẹ́ǹtì mẹ́ta ti wà nídìí rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kánún tó bù sí ẹ̀wà náà ti pọ̀ jù, ọbẹ̀ yẹn á korò. Ẹnì kejì ní kí ìyá arúgbó olójú burúkú lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹnì kẹta ń yin baba oníṣègùn kan tó ní ó bá òun dá ọkọ òun padà láàárín ọjọ́ méjì, ó sì fi nọ́ńbà Wásáàpù baba náà tì í lẹ́yìn. Obìnrin náà pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fídíò, ó bi í ní ohun tó yẹ kí òun ṣe. Èsì ọ̀rẹ́ kò gùn: "Fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ jàre. Bí wọ́n bá ṣe ń bú ẹ ni fídíò ẹ á máa rìn."

Ìmọ̀ràn yìí ti di àdúrà òwúrọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe fídíò. Ìmọ̀ràn burúkú ni.

Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ẹ̀rọ kò mọ èébú yàtọ̀ sí ìyìn, iye kọ́mẹ́ǹtì ló ń kà. Ó dáa, kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló máa jókòó wo fídíò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ kọ́ ló sì máa sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó wá wò ó. Èèyàn ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í kọ nǹkan kan rárá. Wọ́n á wo fídíò, wọ́n á sún ìka wálẹ̀ láti wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ irú ilé tí àwọn wọ̀. Bó bá jẹ́ èébú ló kí wọn káàbọ̀, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá rò pé àwíìrò lásán nìyí, kó gbọ́ ohun tí Dominique Brossard àti Dietram Scheufele ti Yunifásítì Wisconsin-Madison l'Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 2013. Wọ́n fún èèyàn 1,183 ní ìròyìn kan náà kà, nípa àwọn nǹkan tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi sínú ọjà wọn. Ìròyìn náà kò yàtọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ́mẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yí padà: àwọn kan rí ti ọmọlúàbí, àwọn kan rí èyí tí àwọn èèyàn ti ń bú ara wọn ní òpònú. Àwọn tó ka èébú náà túbọ̀ lọ sí igun tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lórí bí nǹkan náà ṣe léwu tó. Ẹni tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí wọn kò sì bú, èébú àjèjì méjì ló yí bó ṣe gbọ́ ìròyìn padà. Lóòótọ́, ìwádìí náà kò dá lórí ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó já irọ́ àwọn tó ní èébú abẹ́ fídíò kò kan ẹni tó kàn wá wò ó.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Popular Science tọ́ka sí ìwádìí yìí, ó sì ti àyè kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ pa. Àṣejù ni ìyẹn náà. Ìwé ìròyìn ńlá lè ṣe é, kò sì ní kú. Olùkọ́ni ní gbẹ̀gìrì tó bá ti ilẹ̀kùn pa ti lé ẹni tó sọ̀rọ̀ kánún jáde pọ̀ mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ ojú burúkú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ kánún gan-an ni wọ́n ń wá.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lówùúrọ̀ Sátidé yẹn rèé. Ọ̀rọ̀ kánún ni kí obìnrin náà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kó sì dáhùn ní gbangba: "Ẹ ṣeun mà, òótọ́ lẹ sọ. Díẹ̀ lórí ṣíbí tó fún ẹ̀wà kọ́ńgò kan, mo jẹ́ kó pọ̀." Lẹ́yìn náà, kó tẹ `Pin`, kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró lókè gbogbo kọ́mẹ́ǹtì yòókù. Ìdí rẹ̀ ni pé Yútúùbù kò gba èèyàn láyè láti fi fídíò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lórí línkì kan náà. Kánún tó ti wọ ìkòkò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kọ́mẹ́ǹtì tí wọ́n so mọ́ òkè ni yóò máa bá gbogbo ẹni tó bá wá sè é lọ́dún tó ń bọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá a wí sì ti rí i pé wọ́n gbọ́ òun.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ojú burúkú kò gbọdọ̀ rí èsì kankan gbà. Kì í ṣe èsì ìbínú, kì í sì í ṣe ti "Olúwa á dárí jì ẹ́", èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọgbọ́n. Èsì jẹ́ ìjókòó tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un ní pálọ̀. Pípa kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ rẹ́ nìkan náà kò tó, nítorí ó lè rí i pé ó ti lọ, kó tún kọ méjì mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ ni àmì kékeré mẹ́ta tó tò lórí ara wọn wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan `Hide user from channel`. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tó bá kọ sórí ìkànnì yẹn, òun nìkan ni yóò máa rí i. Yútúùbù kò ní sọ fún un. Yóò máa bú, yóò máa retí ẹni tó máa dá a lóhùn, yóò máa bá ògiri jà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń polówó oníṣègùn oní-Wásáàpù náà, ibẹ̀ ni kó lọ.

Àwọn kan á ní ìwà ẹ̀tàn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọgbọ́n yìí kò sì ní agbára tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí ẹni tó bá pinnu gan-an lè fi àkáǹtì mìíràn padà wá. Bó bá jẹ́ pé ìhàlẹ̀ ló kọ, pé òun mọ ilé obìnrin náà, kí obìnrin náà ya àwòrán kọ́mẹ́ǹtì náà kó tó fi ẹni náà pamọ́, torí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ti wọ ìyẹn.

Ọ̀tọ̀ ni ti àwọn tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ pátápátá. Nínú ètò Yútúùbù, ibì kan wà tó ń jẹ́ `Blocked words`, níbi tí onílé ti lè to àwọn ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́. Kọ́mẹ́ǹtì tó bá ní ọ̀kan nínú wọn kò ní hàn, yóò lọ dúró síbi tí onílé á ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè wà níbẹ̀ tó ọjọ́ 60. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ "wèrè" lọ́rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ọmọ Yorùbá tó bá ń to èébú, ẹni tó ń bú èèyàn kì í sì í wá àmì ohùn kiri, `were` ló máa tẹ̀. Ẹ fi `were` síbẹ̀, kí ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, inú àwọn máa ń dùn bí màmá àwọn bá ń se gbẹ̀gìrì. Ó ti bọ́ sí àhámọ́ nìyẹn, torí `were` kò lè ṣàì sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ fi `ode` síbẹ̀ nítorí ọ̀dẹ̀, ẹ ti há gbogbo ẹni tó fẹ́ sè é lọ sí òde àríyá mọ́ ọn, àti ọdẹ tó fẹ́ fi ẹran ìgbẹ́ jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gùn, tí kò ní ìtumọ̀ mìíràn, ni kí wọ́n tò síbẹ̀: `oloriburuku`, `ori e o pe`, àti `oloshi` pẹ̀lú `olosi`, torí ọwọ́ èèyàn kì í dọ́gba. Kí onílé sì máa yẹ àhámọ́ náà wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ariwo tó kù ni ti òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ìkànnì ẹni kì í ṣe ilé aṣòfin. Ẹni tí wọ́n fi pamọ́ ṣì lè dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀, kó máa ti ibẹ̀ bú ẹni tó bá wù ú. Ibi tí ariwo yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni tàwọn tó ń pe ìbáwí ní èébú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan l'Ékòó kọ ọ́ sórí Fésíbúùkù pé tòmátò inú agolo kan dùn jù, ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀. Ọlọ́pàá mú un lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tòmátò náà fẹjọ́ sùn, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Èèyàn tí kò gbọ́ orúkọ tòmátò náà rí gbọ́ ọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́. Ọ̀rọ̀ ṣúgà tí wọ́n ìbá fi ìlà méjì dáhùn ni. Bí èèyàn ṣe máa mọ ìyàtọ̀ kò le: ṣé nǹkan kan wà nínú kọ́mẹ́ǹtì náà tí wọ́n lè yẹ̀ wò nínú ìkòkò? Ṣúgà wà níbẹ̀. Kánún wà níbẹ̀. Kódà bí ẹni tó sọ ọ́ bá fi ìkanra sọ ọ́, kó dúró. Ojú burúkú kò sí nínú ìkòkò.

Ìdánwò tó le jù kì í sì í ti ọwọ́ ọ̀tá wá. Ká padà sí fídíò gbẹ̀gìrì. Lọ́sàn-án Sátidé, ẹnì kan tó ti ń tẹ̀lé ìkànnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó máa ń kọ "Mọ́mì wa, ẹ ó pẹ́ fún wa" sábẹ́ gbogbo fídíò, rí ọ̀rọ̀ kánún náà. Ó gbé e gbóná: "Ta ló bi ẹ́? Àwọn ará oko yín ò mọ ọbẹ̀, ẹ wá ń kọ́ Mọ́mì." Èèyàn mẹ́rin fọwọ́ sí i. Inú obìnrin náà dùn díẹ̀, kí a má purọ́. Ọ̀pọ̀ onílé ló máa fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ máa tẹ àmì ọkàn pupa fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ìkànnì ti ń di ẹgbẹ́ jàǹdùkú, torí gbogbo ẹni tó bá ní ìbéèrè á ti mọ̀ pé wọ́n máa ń lu èèyàn nílé yìí. Kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ láìjáfara. Kó sì sọ fún ẹni rẹ̀ ní ìlà kan pé òun mọ ìfẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bú àlejò níbí. Bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi í pamọ́ bí wọ́n ṣe fi olójú burúkú pamọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kó bi gbogbo ilé ní ìbéèrè kan tí wọ́n lè dáhùn. Kì í ṣe "ẹ kọ kọ́mẹ́ǹtì sísàlẹ̀," tí kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, bí kò ṣe: "Nílé yín, ṣé ẹ ń fi kánún sí i, àbí ẹ máa ń jẹ́ kí iná ṣe é?" Ẹni Ọ̀yọ́ á dáhùn, ẹni Ìjẹ̀bú á ní àwọn ò mọ gbẹ̀gìrì tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á ní ìjábẹ̀ ni kí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kì í ṣe bílẹ́ńdà. Kí onílé wo ẹni tó ń dá àwọn ẹlòmíràn lóhùn láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kó sọ di alábòójútó kọ́mẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹni tó ń yìn ín jù. Kò sì ní jẹ́ ìyàlẹ́nu bó bá lọ jẹ́ obìnrin tó sọ̀rọ̀ kánún lówùúrọ̀ Sátidé ni.